Kì í ṣe dátà ló kéré, ìlà inú rúútà ló gùn jù

Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé tí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti jọ ń lo wáìfáì kan ṣoṣo, ó dájú pé ẹ mọ irú ìjà yìí dáadáa. Ẹnì kan ń gbá géèmù, gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege, píìngì wà ní 80. Ẹlòmíì nínú yàrá kejì tẹ fídíò kan, ó ní kó lọ sórí ìkànnì òun. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, píìngì ti fò sí 1,500. Ẹni tó wà nínú géèmù yìnbọn, ìbọn ò jáde. Nígbà tí ìbọn náà máa fi jáde, òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni igbe: “Ta ló ń ṣe àpúlóòdù o?”

Ẹni tó gbé fídíò ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó gbé fídíò ò ṣẹ̀, ẹni tó ń gbá géèmù ò ṣẹ̀, dátà tẹ́ ẹ rà náà kò sì kéré. Rúútà tó wà láàárín wọn ni igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú. Ó ń to ẹrù jọ ju bó ṣe yẹ lọ. Àìsàn yìí lórúkọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní bọ́fàbílòòtì. Ó ní oògùn, oògùn náà sì ti wà láti ọdún 2012. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé títí di báyìí, ọ̀pọ̀ rúútà olówó pọ́ọ́kú ṣì ń dé ọwọ́ wa láìsí oògùn yìí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé tiwa ní Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni mo ti wọn nǹkan wọ̀nyí fúnra mi. Rúútà 4G kan la ń lò, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ lórí ìkànnì. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbé fídíò ọjà rẹ̀ jáde, torí àsìkò yẹn làwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń ti ibiṣẹ́ dé, tí wọ́n á sì máa wo fóònù. Àbúrò wa ọkùnrin ń gbá Call of Duty Mobile, ìdíje tó ń forúkọ sílẹ̀ fún, tówó sì wà nínú ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ náà ni wọ́n máa ń fi í sí. Nígbà tọ́rọ̀ náà le, wọ́n fẹ́ ṣòfin nínú ilé pé Àǹtí ò gbọdọ̀ gbé fídíò kankan láàárín aago méje sí mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé kí obìnrin tó ń fi ìkànnì jẹun pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé gan-an lásìkò tọ́jà ń tà. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Tí ìńtánẹ́ẹ̀tì bá ń gbé nǹkan, kì í gbé e lódindi. Á gé e sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tóbi jù nínú wọn máa ń tó báìtì 1,500. Fídíò ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú pákẹ́ẹ̀tì ńláńlá bẹ́ẹ̀. Géèmù àbúrò mi ní tiẹ̀ ń fi pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké ránṣẹ́, pé mo rìn síbí, mo yíjú sọ́hùn-ún, mo yìnbọn. Wọn ò wúwo rárá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tètè dé.

Ẹ rò ó bí ọ̀nà Ìdànrè sí Àkúrẹ́ lásìkò kòkó. Ká ní wọ́n dá ibì kan sí lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù igba ó lé àádọ́ta tó kó kòkó ti tò síwájú. Ọlọ́kadà kan wá dé, ìwé pélébé kan péré ló mú dání. Ọ̀nà tó lè gbà kọjá ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n òfin ni pé kó dúró títí gbogbo akẹ́rù náà yóò fi lọ tán. Ọlọ́kadà yẹn ni géèmù. Àwọn akẹ́rù ni fídíò. Ibi tí wọ́n tò sí ni bọ́fà, ìyẹn àyè inú rúútà tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń dúró de ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nílé wa, àpúlóòdù tí rúútà náà ń fún wa ò ju mẹ́gábíìtì 2 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí pákẹ́ẹ̀tì 250 bá tò sínú bọ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ báìtì 1,500, gbogbo rẹ̀ jẹ́ báìtì 375,000. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ, ìyẹn ni mẹ́gábíìtì 3. Ojú ọ̀nà tó ń gbé mẹ́gábíìtì 2 níṣẹ́jú àáyá kan yóò lo ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ kó tó gbé mẹ́gábíìtì 3 tán. Ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ni mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdì 1,500. Ẹ wá rí ibi tí nọ́ńbà burúkú yẹn ti wá. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, ìlà ló gùn.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí 1,500 ṣe pọ̀ tó, ẹ wo okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun láti ìlú Èkó lọ sí ilẹ̀ Potogí, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 níṣẹ́jú àáyá kan nínú irú okùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà, àlọ jẹ́ mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdì 35, àbọ̀ náà jẹ́ 35. Ìyẹn 70 péré. Ìdúró tí ìbọn àbúrò mi dúró nínú pálọ̀ wa kó tó jáde nílé, ó tó kí nǹkan lọ sí ilẹ̀ Potogí kó sì padà nígbà mọ́kànlélógún. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ọ̀nà jíjìn ló ń dà yín láàmú, ẹ sọ fún un pé kó lọ wo rúútà rẹ̀ ná.

Àwọn kan máa ní, ṣé kí rúútà má kúkú ní bọ́fà mọ́ ni? Rárá o. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára, torí pákẹ́ẹ̀tì kì í dé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka owó, wọ́n máa ń dé gìrọ́gìrọ́. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: fóònù tó ń gbé fídíò ò mọ bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó. Ńṣe ló ń fi kún ẹrù tó ń gbé diẹ̀diẹ̀, títí pákẹ́ẹ̀tì kan yóò fi sọnù lójú ọ̀nà. Tí ọ̀kan bá ti sọnù, á yé e pé ọ̀nà ti kún, á sì dẹwọ́. Pákẹ́ẹ̀tì tó sọnù yẹn ni ìkìlọ̀ tó ń gbà, wọ́n á sì tún un fi ránṣẹ́, fídíò ò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan di olówó pọ́ọ́kú, àwọn tó ń ṣe rúútà rò pé kí pákẹ́ẹ̀tì sọnù ló burú jù, ni wọ́n bá ṣe bọ́fà gbàràmù-gbaramu. Báyìí, pákẹ́ẹ̀tì ò sọnù mọ́, ìkìlọ̀ náà ò sì tètè dé. Fóònù á máa rọ ẹrù lọ, ìlà á máa gùn sí i, ọlọ́kadà wa á sì máa làágùn lẹ́yìn akẹ́rù.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jim Gettys ló ta kókó yìí jáde lọ́dún 2010. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, nílé ara rẹ̀ ló sì ti rí i pé tóun bá ti ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, ìńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé á kú. Òun ló fún àìsàn náà lórúkọ. Ọdún 2012 ni Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ọgbọ́n tuntun kan jáde, CoDel lorúkọ ẹ̀. Wọn ò béèrè pé pákẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà lórí ìlà. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, báwo ni pákẹ́ẹ̀tì ṣe pẹ́ tó lórí ìlà? Tó bá jẹ́ pé fún odindi mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdì 100, kò sí pákẹ́ẹ̀tì kankan tí ìdúró rẹ̀ dín sí 5, a jẹ́ pé ìlà náà ti di ìjókòó. CoDel á ju ọ̀kan nù kí ìkìlọ̀ lè tètè dé ọ̀dọ̀ fóònù tó ń rọ ẹrù.

Lọ́dún 2012 yẹn kan náà ni Eric Dumazet fi ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní fq_codel sínú Linux. Ìyẹn tún lọ síwájú sí i. Kò jẹ́ kí gbogbo èèyàn tò sórí ìlà kan ṣoṣo mọ́. Ó ń ya ìlà sọ́tọ̀ fún fídíò, ó ń ya ti géèmù sọ́tọ̀, ó sì ń mú látinú ọ̀kọ̀ọ̀kan lésẹ-lésẹ. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré tí kò sì ní ìlà lẹ́yìn, á kọjá lọ wéré. Ọlọ́kadà rí ọ̀nà, akẹ́rù náà ò sì dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe èyí tó ń jẹ́ cake, tó wọ inú Linux lọ́dún 2018.

Kẹ́ ẹ tó náwó lórí ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àìsàn yìí gan-an ló ń ṣe yín. Ẹ wá kọ̀ǹpútà kan, kẹ́ ẹ ṣí ojú méjì tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ. Tó bá jẹ́ Windows ni, ẹ tẹ ọ̀kan sí ojú kọ̀ọ̀kan:

```
ping -t 192.168.1.1
ping -t 8.8.8.8
```

Àkọ́kọ́ ni rúútà yín fúnra rẹ̀. Tí nọ́ńbà tiyín bá yàtọ̀, ẹ máa rí i lẹ́yìn rúútà náà. Èkejì wà níta. Ẹ jẹ́ kó sáré fún ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan gbé fídíò ńlá kan sókè, kẹ́ ẹ máa wò ó.

Nílé wa, kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, rúútà ń dáhùn ní 3, ti ìta ń dáhùn ní nǹkan bí 80. Nígbà tí fídíò bẹ̀rẹ̀, rúútà ò kúrò ní 3 sí 6, ṣùgbọ́n ti ìta gòkè lọ sí 400, ó di 900, ó sì dúró sí òkè 1,500. Nígbà tí fídíò parí, ó wálẹ̀ padà sí 80. Bó bá ṣe báyìí fún yín, bọ́fàbílòòtì ni. Tó bá jẹ́ pé ti rúútà gan-an ló ń fò, wáìfáì ni kẹ́ ẹ mú, bóyá ẹ jìnnà sí i tàbí ògiri pọ̀ láàárín. Tí ti ìta bá sì ga láìsí ẹni tó ń gbé nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí òpó wọn tó ti kún.

Ọ̀gbẹ́ni tó ta rúútà fún wa ní ká lọ ra ètò dátà tó ga ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo bi í pé ṣé àpúlóòdù náà á pọ̀ sí i. Ó ní rárá, dáńlóòdù nìkan ni. Kí ló wá fẹ́ tún ṣe? Ibi tí akẹ́rù ti há kọ́ ni wọ́n fẹ́ fẹ̀ sí i. Kódà ká ní àpúlóòdù di ìlọ́po méjì, fídíò ṣì máa kún un, ìlà ṣì máa tò. Ó kàn máa dín kù ni, kò ní kúrò.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nìyí. A wá rúútà kékeré kejì tó lè lo OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi sínú rúútà. A fi wáyà so ó mọ́ ti 4G, a pa wáìfáì ti 4G, gbogbo fóònù inú ilé wá ń gba inú rúútà tuntun kọjá. A fi luci-app-sqm sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a wọn sípíìdì wa láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ti alẹ́ ló kéré jù: dáńlóòdù 8, àpúlóòdù 1.6. Ti alẹ́ yẹn la mú, a sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú `/etc/config/sqm` wa nìyí:

```
config queue
  option enabled '1'
  option interface 'wan'
  option download '7000'
  option upload '1400'
  option qdisc 'cake'
  option script 'piece_of_cake.qos'
```

Kí ló dé tá a fi yọ nínú sípíìdì tá a fowó rà? Torí pé ibi tí ọ̀nà ti há jù ni ìlà máa ń tò sí. Tá a bá jẹ́ kí ẹrù ṣàn gẹ́gẹ́ bí 4G ṣe lè gbé e tó, inú rúútà 4G ni ìlà á tò sí, àṣẹ wa ò sì débẹ̀. Tá a bá dín in kù díẹ̀, ọ̀dọ̀ rúútà tuntun ni ọ̀nà á ti há, ìlà á tò síbẹ̀, cake á sì máa tò ó bó ṣe yẹ. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lẹ máa kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi kún un diẹ̀diẹ̀ títí píìngì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kẹ́ ẹ wá padà sẹ́yìn díẹ̀.

Báyìí, tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń gbé fídíò, píìngì kì í sábà kọjá 100. Ó ní ohun tó gbà o. Fídíò mẹ́gábáìtì 90 tó máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́fà tẹ́lẹ̀, ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ ààbọ̀ báyìí. Mo bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní, “Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ nìkan? Ẹni tó fẹ́ kí n dúró di aago mẹ́wàá ńkọ́?”

Mi ò ní parọ́ fún yín pé oògùn yìí ń wo gbogbo àìsàn. Sípíìdì 4G kì í dúró sójú kan bíi ti wáyà. Lálẹ́ ọjọ́ tí òpó bá kún, tí àpúlóòdù wá já sí 0.8, nọ́ńbà 1400 tá a kọ síbẹ̀ ti ga jù nìyẹn, ìlà á tún padà sínú rúútà 4G, píìngì á sì fò. Ètò kan wà tó ń jẹ́ cake-autorate tó ń wo píìngì fúnra rẹ̀, tó sì ń gbé nọ́ńbà náà sókè sódò bí ọ̀nà bá ṣe rí. Àwọn tó ń lo 4G tàbí Starlink ló wúlò fún jù. Bákan náà, kò sí ohun tó lè mú 80 yẹn di 20 tí sáfà géèmù bá wà lókè òkun. Ọ̀nà jíjìn ni tirẹ̀, kò sí nínú ìlà.

Ẹni tí ò sì lówó rúútà kejì ńkọ́? Ẹ wọ ojú ètò rúútà tẹ́ ẹ ní, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Bandwidth Control` tàbí `QoS` sí. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ dín àpúlóòdù fóònù tó ń gbé fídíò kù sí bí ìdajì ohun tí ilé ní. Kò gbọ́n tó cake, torí ìdajì náà á máa dín in kù kódà nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbá géèmù, ṣùgbọ́n ìjà á dín kù. Ẹ tún wo fóònù tó ń gbé fọ́tò lọ sí ìpamọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ ò mọ̀ rárá pé fóònù òun ń gbé nǹkan kan.

Síbẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé èmi àti ẹ̀yin la ó máa wá rúútà kejì káàkiri. Ọ̀fẹ́ ni fq_codel. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà nínú Linux, bẹ́ẹ̀ Linux kan náà ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn rúútà tí wọ́n ń tà fún wa. Àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lẹ orúkọ wọn mọ́ rúútà ló lè sọ fún àwọn tó ń ṣe é pé, ẹ tàn án kó tó jáde nínú páálí. Àjọ NCC náà lè ní kí wọ́n máa wọn píìngì nígbà tí ojú ọ̀nà bá kún, kì í ṣe nígbà tó ṣófo nìkan. Sípíìdì ńlá tí wọ́n kọ sára pátákó ò sọ nǹkan kan fún wa nípa bí ọlọ́kadà ṣe máa pẹ́ tó lẹ́yìn akẹ́rù.

Tẹ́ ẹ bá tún lọ ra rúútà, ẹ má béèrè sípíìdì nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: tí ẹnì kan bá ń gbé fídíò sókè, mélòó ni píìngì á jẹ́? Tí wọn ò bá mọ ìdáhùn, ẹ ní kí wọ́n tan rúútà náà níwájú yín, kẹ́ ẹ gbé fídíò kan sókè, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.